Dátà wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, sáìtì ò ṣí: ẹ wo déètì orí ẹ̀rọ yín ná

Bí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó ti pẹ́ bá kọ̀ láti ṣí sáìtì, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé dátà ti tán, tàbí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. A ó ra dátà mìíràn, a ó pa módẹ́ẹ̀mù, a ó tún un tàn, a ó gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé. Kò ní ṣí. Lọ́pọ̀ ìgbà, módẹ́ẹ̀mù ò jẹ̀bi rárá. Ẹ̀rọ náà ló rò pé ọdún 2010 la wà.

Ẹni tó ní dẹ́sítọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, láptọ́ọ̀pù àtijọ́, tàbí fóònù tí bátìrì rẹ̀ máa ń kú pátápátá ni mo kọ èyí fún. Fún títún déètì ṣe, ẹ ò nílò irinṣẹ́ kankan. Bí déètì bá tún ń yí padà lẹ́yìn tí ẹ tún un ṣe, ẹ máa nílò síkúrúdíráfà àti bátìrì pẹlẹbẹ kan.

Kí ló kan déètì nínú ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì?

Sáìtì tí àdírẹ́sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `https` gbọ́dọ̀ fi sátífíkéètì hàn kí ẹ tó wọlé. Lára sátífíkéètì yìí ni ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ máa parí. Bùráúsà, ìyẹn Chrome tàbí Firefox, á wo ọjọ́ méjèèjì, á sì fi wọ́n wé ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ yín. Ká ní ọlọ́pàá kan dúró lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì jẹ́ kàlẹ́ńdà ọdún 2010 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìwé ọkọ̀ tó bá yẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà ló máa sọ pé kò tíì tó àkókò tí wọ́n ṣe é. Ìwé wọn dáa, kàlẹ́ńdà tirẹ̀ ni kò dáa.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ gidi ṣe é. Ká sọ pé òní jẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọdún 2025. Sáìtì kan ní sátífíkéètì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, tó sì máa parí ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún kan náà. Ẹ̀rọ tó bá sọ pé ọdún 2010 la wà máa ní sátífíkéètì náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹnì kan ti sún sí oṣù Kejìlá 2025 máa ní ó ti parí. Àwọn méjèèjì máa kọ̀.

Nígbà kan, sátífíkéètì máa ń tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nítorí náà ẹ̀rọ tí déètì rẹ̀ fi oṣù mẹ́ta yẹ̀ ṣì lè wọlé láìsí wàhálà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, bùráúsà ńláńlá dẹ́kun gbígba sátífíkéètì tuntun tó bá ju ọjọ́ 398 lọ. Ti Let's Encrypt, àjọ tó ń fún ọ̀pọ̀ sáìtì ní sátífíkéètì lọ́fẹ̀ẹ́, kì í sì í ju ọjọ́ 90 lọ. Ìdí nìyẹn tí déètì tó fi oṣù méjì péré yẹ̀ fi ń dá wàhálà sílẹ̀ báyìí, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé déètì ni, pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ kọ́kọ́ wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún kọ̀ǹpútà. Ẹ má wo aago nìkan. Wákàtí lè pé, kí ọjọ́ pé, kí oṣù pé, kó sì jẹ́ pé ọdún ló yẹ̀. Ẹ gbé máòsì lé aago náà kí ọjọ́ àti ọdún lè hàn lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi wé fóònù ẹlòmíràn tí síìmù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí bùráúsà kọ, kí ẹ má ṣe pa á dé kíá. Bí ó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò sí lóòótọ́, Chrome á kọ `ERR_INTERNET_DISCONNECTED` tàbí `ERR_NAME_NOT_RESOLVED`. Bí ó bá jẹ́ déètì, ẹ máa rí `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID`. Chrome tiẹ̀ máa ń là á mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn: `Your clock is behind` túmọ̀ sí pé aago yín ti kù sẹ́yìn, `Your clock is ahead` túmọ̀ sí pé ó ti sáré jù. Firefox lè kọ `SEC_ERROR_EXPIRED_CERTIFICATE` tàbí `MOZILLA_PKIX_ERROR_NOT_YET_VALID_CERTIFICATE`. Lórí fóònù, WhatsApp máa ń sọ fún yín ní tààrà pé déètì yín ò pé. Àwọn áàpù mìíràn ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn máa yí róbótó títí tí ẹ máa fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fà.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín kọ̀ǹpútà àti fóònù tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Windows máa ń yẹ íńtánẹ́ẹ̀tì wò nípa ṣíṣí ojú ìwé kan tí kò lo `https`, nítorí náà déètì tí kò pé kì í dí i lọ́wọ́. Á sọ pé íńtánẹ́ẹ̀tì wà, bùráúsà á sì máa kọ̀. Android ní tirẹ̀ máa ń yẹ ti `https` wò pẹ̀lú. Bí ìyẹn bá kùnà, ó lè fi àmì ìyanu sára Wáì-Fáì, kó sì sọ pé kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá rí èyí máa bá ẹni tó ni Wáì-Fáì jà lásán.

Bí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ ṣí ojú ìwé tí kò lo sátífíkéètì. Ẹ tẹ `http://neverssl.com` bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú bùráúsà. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tún lè ṣí `cmd`, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, kí ẹ tẹ:

```
ping 8.8.8.8
ping google.com
```

Bí èsì bá wá sórí méjèèjì, tí `neverssl.com` sì ṣí, dátà yín ń ṣiṣẹ́. Bí àkọ́kọ́ bá dáhùn tí ìkejì ò dáhùn, ọ̀rọ̀ wíwá orúkọ sáìtì nìyẹn, kì í ṣe déètì. Bí ìkankan ò bá dáhùn tí `neverssl.com` náà ò sì ṣí, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó bínú sí módẹ́ẹ̀mù.

Títún un ṣe lórí Windows

Ẹ jẹ́ kí n fi dẹ́sítọ́ọ̀pù kan ní ilé ìtẹ̀wé ní Under G, nítòsí LAUTECH, ṣàlàyé, nítorí pé gbogbo àmì àrùn yìí ló wà lára rẹ̀. Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti ra dátà sórí síìmù méjì. Àwọn ọmọ iléèwé dúró tì í, wọ́n fẹ́ tẹ fọ́ọ̀mù jáde, pọ́tà ò sì ṣí. Fóònù àwọn ọmọ náà ń ṣí i lórí módẹ́ẹ̀mù kan náà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni déètì tó wà nísàlẹ̀ yẹn?"

"Kí ni déètì fẹ́ ṣe? Mo máa ń tún un ṣe láràárọ̀. Bí mo bá pa jẹnẹrétọ̀, á tún padà síbi tó wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti tó láti mọ̀ pé bátìrì inú ẹ̀rọ ti kú. Àmọ́ àwọn oníbàárà ń dúró, nítorí náà a kọ́kọ́ tún déètì ṣe ná.

Ìlú tí aago ń tẹ̀ lé lẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó fọwọ́ kan wákàtí. Bí ẹ bá tún wákàtí ṣe tán kí ẹ tó yí ìyẹn padà, Windows á sún wákàtí náà kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Lórí Windows 10, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ aago, ẹ yan `Adjust date/time`. Níbi `Time zone`, ẹ yan `(UTC+01:00) West Central Africa`. Èyí ni ti Nàìjíríà. A kì í sún aago síwá sẹ́yìn láàárín ọdún bíi ti àwọn òyìnbó, nítorí náà bí ẹ bá ti yan án, ó parí.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa `Set time automatically`, ẹ tẹ `Change`, kí ẹ fi ọjọ́, oṣù, ọdún àti wákàtí tó pé sí i. Ẹ ṣọ́ra fún AM àti PM. Ẹ tún ṣọ́ra fún ipò oṣù àti ọjọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ń kọ oṣù ṣáájú bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe é. 5/4 lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Ẹni tó bá kà á sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin á rò pé déètì òun pé.

Lórí Windows 7, ẹ tẹ aago, ẹ yan `Change date and time settings`. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa rí `Change time zone` àti `Change date and time`.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè pé kí ló dé tí Windows ò kàn gba aago láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ó lè gbà á, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Lórí ẹ̀rọ tó dá wà bí ti Àǹtí yìí, bí ìyàtọ̀ bá ti ju wákàtí 15 lọ, Windows lè kọ aago tó wá láti ìta, ó rò pé ẹnì kan fẹ́ tan òun. Windows 7 tiẹ̀ máa ń sọ pé déètì yín ò bára mu, àti pé kí ẹ tún un ṣe ná. Nítorí náà ọwọ́ ni ẹ máa fi mú un dé ọjọ́ tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ lè tan `Set time automatically` padà kó tún ìṣẹ́jú tó kù ṣe. Bí ó bá ń ṣe agídí, ẹ fi `Run as administrator` ṣí `cmd`, kí ẹ tẹ:

```
net start w32time
w32tm /resync
```

Bí ìlà àkọ́kọ́ bá sọ pé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí wàhálà, ẹ tẹ ìkejì.

Ẹ pa gbogbo ojú fèrèsé bùráúsà pátápátá kí ẹ tó tún un ṣí. Pọ́tà Àǹtí ṣí bí a ti ṣe èyí, láì fi kún dátà.

Ẹ má ṣe tẹ `Advanced` kí ẹ sì yan `Proceed` láti fi fò ó kọjá. Bí déètì yín ò bá pé, bùráúsà ò lè dá sátífíkéètì tó dáa mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti parí, nítorí náà ẹ ó máa tẹ nọ́ńbà báǹkì yín síbi tí ẹ ò mọ̀. Àwọn sáìtì kan ò tiẹ̀ ní fún yín láyè láti fò ó.

Bí déètì bá ń padà sẹ́yìn lójoojúmọ́

Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń jẹ́ kí aago máa rìn nígbà tí kò sí iná. Bí dẹ́sítọ́ọ̀pù bá wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná sì wà, ara iná yẹn ni aago ti máa ń jẹ, kódà bí ẹ bá ti pa kọ̀ǹpútà. Bí iná kò bá sí, tàbí tí ẹ yọ gbogbo wáyà ní alẹ́, bátìrì yẹn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń pa gbogbo nǹkan nílẹ̀ láti alẹ́ títí di àárọ̀, ó yẹ kí ẹ retí pé bátìrì yìí máa kú yá ju ti ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ.

Wákàtí tí ẹ bá bá lórí rẹ̀ lè sọ ibi tí bátìrì náà dé. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ tó sì wà ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún kan tó ti pẹ́, tí aago sì kọ méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, bátìrì ti kú pátápátá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni àkókò tí ẹ ti tan án. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún pé, ṣùgbọ́n aago kàn kù sẹ́yìn ní iye wákàtí tí ẹ fi ti ṣọ́ọ̀bù, bátìrì ń kú lọ ni. Dell máa ń kọ `Time-of-day not set` nígbà tó bá ń tàn, HP máa ń kọ `163-Time & Date Not Set`. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ tẹ F1 kí ẹ tó lè tẹ̀síwájú, àwa sì máa ń tẹ̀ ẹ́ láìkà á.

Bátìrì tí ọ̀pọ̀ dẹ́sítọ́ọ̀pù ń lò ni CR2032, volt 3. Ó fẹ̀ ní mílímítà 20, ó sì nípọn ní mílímítà 3.2. Ẹ rí i pé nọ́ńbà náà pé nígbà tí ẹ bá ń rà á. CR2025 fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, ó sì lè má kan irin tó yẹ kó kàn. Bí ẹ bá ní mítà, ẹ wọn èyí tí ẹ fẹ́ rà. Tuntun yẹ kó ju volt 3 lọ díẹ̀. Èyí tó bá ti wà ní 2.7 tàbí kó kéré sí i, ẹ má rà á.

Kí ẹ tó yọ ti àtijọ́, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ wọ inú `Setup` rẹ̀, ibi tí ètò bọ́ọ̀dù wà, nípa títẹ bọ́tìnì kan bó ṣe ń tàn. Lórí ọ̀pọ̀ Dell, F2 ni. Lórí ọ̀pọ̀ HP, F10 ni. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ojú ìwé ibẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pàápàá ibi tí wọ́n kọ `SATA` sí. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, bí bátìrì bá kúrò, ètò ibẹ̀ lè padà sí bí ó ṣe wà nígbà tí ẹ̀rọ ṣì jẹ́ tuntun. Bí `AHCI` tó wà níbi `SATA` yẹn bá yí padà sí `IDE` tàbí `RAID`, Windows lè kọ̀ láti tàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá rò pé àwọn ti ba dísìkì jẹ́. Bí ẹ bá dá a padà bí fọ́tò ṣe fi hàn, á tàn.

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí ẹ tó kan bọ́ọ̀dù. Ẹ ti irin kékeré ẹ̀gbẹ́ bátìrì, á ta jáde. Ẹ fi tuntun síbẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ + sí wà lókè. Ẹ padà sínú `Setup`, ẹ tún déètì ṣe níbẹ̀, ẹ fi ìyókù wé fọ́tò, ẹ tẹ F10 láti fi pamọ́ bí ojú ẹ̀rọ náà bá sọ bẹ́ẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó dáa, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún wo aago. Ti inú láptọ́ọ̀pù sábà máa ń ní wáyà kékeré méjì tí wọ́n fi rọ́bà dì. Bí ẹ ò bá tíì tú láptọ́ọ̀pù rí, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bátìrì àtijọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé rí i. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé ọmọ náà lọ, láì dúró wò ó.

Lórí fóònù

Ẹ wọ `Settings`, ẹ wá `Date & time`. Lórí Samsung, ó máa ń wà nínú `General management`. Bí ó bá ti wà lórí àdáṣe tí déètì ò sì pé, ẹ pa àdáṣe náà, ẹ yan Lagos tàbí GMT+01:00, ẹ fi ọwọ́ tún ọjọ́ ṣe, kí ẹ tó tan án padà. Fóònù tó ní síìmù máa ń gba aago lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá ń fi ránṣẹ́. Táblẹ́ẹ̀tì tí kò ní síìmù ò ní irú oore yẹn, nítorí náà lẹ́yìn tí bátìrì rẹ̀ bá kú tán, ẹ máa wo déètì rẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ ilé náà léèrè pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń sún déètì síwájú kí géèmù lè fún wọn ní ẹ̀mí tuntun, wọn á sì gbàgbé láti dá a padà.

Bí déètì bá pé tí sáìtì ò sì tún ṣí

Ẹ tún ka kóòdù náà. Bí `DATE` bá ti di `NET::ERR_CERT_AUTHORITY_INVALID`, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ̀rọ yín ò mọ ẹni tó fọwọ́ sí sátífíkéètì náà. Bí ẹ bá wà lórí Wáì-Fáì tó ń béèrè kí ẹ kọ́kọ́ wọlé, ẹ wọlé ná kí ẹ tó máa ro nǹkan mìíràn.

Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ó lè jẹ́ ọjọ́ orí ẹ̀rọ. Inú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni orúkọ àwọn tó lè fọwọ́ sí sátífíkéètì wà. Android tó bá lọ sẹ́yìn 7.1.1 ò ní ISRG Root X1, tí Let's Encrypt fi ń ṣiṣẹ́, nínú tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fi ara tì tẹ́lẹ̀, DST Root CA X3, sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2021. Kò sí déètì tí ẹ lè fi sí i tó máa tún èyí ṣe. Ẹ má sì dá ọjọ́ padà sí ṣáájú 2021 láti fi tan án, nítorí pé ibẹ̀ ni sátífíkéètì tuntun gbogbo á ti máa kọ̀. Firefox máa ń gbé orúkọ tirẹ̀ dání, nítorí náà èyí tí fóònù yín bá ṣì lè gbé lè ṣí ohun tí Chrome kọ̀. Lórí Windows 7, Firefox 115 ESR ni ìran tó gbẹ̀yìn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Áàpù báǹkì ò ní tìtorí Firefox ṣí lórí fóònù náà. Tiẹ̀ ń lo orúkọ tó wà nínú Android.

Bí `DATE` náà bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́, ọdún àti ìlú aago ti pé, ẹ fi fóònù tuntun kan ṣí sáìtì kan náà. Bí òun náà bá kọ̀, àwọn tó ni sáìtì ló gbàgbé láti tún sátífíkéètì wọn ṣe. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ yín sílẹ̀ bó ṣe wà.